Ìyípadà aago gbígbé àwọn ọmọ láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá

Bàbá Ìyanu, ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ aago tí à ń gbé àwọn ọmọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Wọ́n ti tún àkókò iṣẹ́ wa tò níbi iṣẹ́ mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni n ó máa jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́rin sì ni lẹ́sìnnì Ìyanu àti Tómi ń parí. Mi ò ní lè débẹ̀ lásìkò ní ọjọ́ méjèèjì yẹn. Àwọn ọjọ́ yòókù ò yí padà.

Ohun tí mo rò pé a lè ṣe ni pé kí ẹ̀yin máa gbé wọn nílé ìwé ní aago mẹ́rin ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín di aago méje. Èmi ni n ó máa wá gbé wọn nílé yín, ẹ ò ní láti tún wakọ̀ jáde. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́, ẹ ṣáà fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan sọ fún mi kí n má bàa dáná dè wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ní ìpàdé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Bí ìyẹn ò bá ní jẹ́ kó ṣeé ṣe, ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa gbé wọn ní Ọjọ́bọ̀. Ó ti gbà, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bi, torí ọ̀dọ̀ òbí wọn ló wù mí kí wọ́n wà. Bó bá jẹ́ àbúrò yín lẹ fẹ́ máa rán, orúkọ tirẹ̀ ò tíì sí nínú ìwé yẹn, wọn ò sì ní fún un lọ́mọ láìjẹ́ pé àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ tètè sọ fún mi kí n gba fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Oògùn tí Ìyanu ń fà sẹ́nu fún ikọ́ fée wà nínú àpò kékeré tó ní síìpù níwájú báàgì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọwọ́ kàn án kí ẹ tó kúrò ní géètì. Bó bá ń wá pẹ́ńsù, ó máa ń yọ ọ́ sórí tábìlì, ibẹ̀ náà ló sì máa ń gbàgbé ẹ̀ sí.

Ó ku ti òpin ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ kí a fa aago tí wọ́n ń padà dé lọ́jọ́ Àìkú láti méje sí márùn-ún ààbọ̀. Tómi máa ń sùn sínú ọkọ̀ bọ̀, bó bá sì ti jí lẹ́nu ọ̀nà báyìí, oorun ti lọ nìyẹn títí ilẹ̀ fi ń ṣú gan-an, ilé ìwé sì ń bẹ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà ló jìn, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe. Kí ìyẹn má bàa gé àkókò yín kù, ẹ lè máa wá gbé wọn lọ́dọ̀ mi ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọjọ́ Ẹtì dípò aago márùn-ún. Kò sí lẹ́sìnnì lọ́jọ́ Ẹtì, wọn á ti wà nílé.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá máa pẹ́, kó pe ẹnì kejì fúnra rẹ̀, kó má rán Ìyanu. Bí a bá ti fẹnu kò, àwa méjèèjì á jọ sọ fún wọn lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí dánra wò di ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, ká tún un wò nígbà náà. Ìwé àdéhùn wa gbà wá láyè láti yí aago padà bí àwa méjèèjì bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé a gbà, nítorí náà èsì yín sí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ti tó. Mo nílò rẹ̀ kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, torí ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ mú lẹ́tà lọ sílé ìwé. Bí apá kan bá wà tí kò bá yín lára mu, ẹ kọ aago tó rọ̀ yín lọ́rùn sí i, n ó wò ó.

Ẹ ṣeun.
Ìyá Ìyanu