Awẹ́ Aṣọ Tí Eku Kò Jẹ

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Ìyá Àgbà sọ pé àwọn yóò kó aṣọ jáde láti inú yàrá ẹrù, kí àwọn sá a sóòrùn. Háwáù ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́. Kò sí ọmọ tó ń wọ yàrá yẹn nínú agboolé wọn ní Pákátà. Etí ìró Ìyá Àgbà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá sì béèrè ohun tó ń ṣọ́ níbẹ̀, èsì kan náà ni yóò gbọ́: "Ẹ̀yin ni mò ń tọ́jú ẹ̀ fún. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Àpótí irin mẹ́ta ni. Méjì àkọ́kọ́ kò ní wàhálà: léèsì, àǹkárá, gèlè, àti káńfọ̀ tó ti gbẹ tó ku bébà rẹ̀ nìkan. Bí wọ́n ṣe ṣí ẹ̀kẹta báyìí, òórùn ìtọ̀ eku gbá wọn nímú.

"Súbúhánálláhì!"

Èkúté kan fò jáde, ó gba ẹsẹ̀ Háwáù kọjá, ó di abẹ́ àpò àgbàdo. Háwáù fẹ́ tọwọ́ bọ inú àpótí, àmọ́ Ìyá Àgbà gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Àmọ́kẹ́, fọwọ́ sílẹ̀! Ṣé o ò gbọ́ bí rédíò ṣe ń pariwo ibà Lásà ni? A kì í fọwọ́ lásán kan ìtọ̀ eku. Mú ọ̀rá wá, ká fi bọ ọwọ́. Fi ìbòrí rẹ dí imú. Má sì gbálẹ̀ o, eruku rẹ̀ ò dáa. Bu omi bílíìsì wá, ká kọ́kọ́ wọ́n ọn sí i."

Igun ìdí àpótí ti dógùn-ún, ó sì ti lu. Ibẹ̀ ni eku gbà wọlé. Ìtẹ́ náà wà lókè ihò yẹn gan-an, òwú tí a já wẹ́wẹ́, tó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Ọmọ eku márùn-ún sùn sáàárín rẹ̀, pupa bẹ́lẹ́jẹ́, láìní irun, ojú wọn kò tíì là. Awọ wọn tín-ín-rín débi pé èèyàn ń rí nǹkan funfun nínú ikùn wọn.

"Ìyá, kí nìyẹn?"

"Wàrà ni. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn lọ́mú tán ni."

"Kí la máa wá ṣe fún wọn?"

"Tí wọ́n bá dàgbà, inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó di wọ́n sínú ọ̀rá méjì, ó sì pe àbúrò bàbá Háwáù kó lọ rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ìgbà tí Ìyá Àgbà mú igi, tó ń fi tú ìtẹ́ náà wò, ni ojú rẹ̀ wá yí padà. "Èyí tó pupa yìí, àlàárì ìgbéyàwó mi ni. Ẹtù bàbá mi ló dúdú yìí." Ó dé ibi òwú kan tó ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ó dákẹ́. Háwáù wò ó lójú.

"Sányán ni. Bàbá rẹ àgbà ló hun ún nígbà tí mo lóyún bàbá rẹ. Wọn ò pa á láró rárá. Bí òwú kòkòrò inú igbó ṣe ń rí nìyẹn." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. N ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Mo ní ó dọjọ́ ńlá. Eku ló wá ṣe ọjọ́ ńlá náà!"

Ó sunkún. Háwáù kò rí i kó sunkún rí, kò sì mọ ohun tó yẹ kó sọ, ló bá fa aṣọ náà jáde, ó tẹ́ ẹ sójú oòrùn. Apá kan ti di ajẹ̀kù pátápátá. Apá kejì dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lórí òfì.

"Ìyá, ẹ wo ojú rírán yìí. Kò dé ọ̀hún."

Ọgbọ́n àwọn ahunṣọ wa nìyẹn. Aṣọ òfì kì í fẹ̀ lórí igi. Awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìka mẹ́rin-márùn-ún, ni wọ́n ń hun, wọn a sì rán wọn mọ́ra. Ohun tó bá ba awẹ́ kan jẹ́ kò ní kí ìkejì rẹ̀ bà jẹ́. Ìyá Àgbà nu ojú, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Awẹ́ mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Eku ti ba mẹ́fà jẹ́.

"Mẹ́jọ kù. Kò lè dé ẹsẹ̀ àgbàlagbà." Ó wo Háwáù látòkè délẹ̀. "Rẹ aṣọ náà sínú omi ọṣẹ. Tó bá gbẹ lọ́la, bá mi wá bíléèdì àti abẹ́rẹ́. Òun ni wàá ró lọ sí yídì."

"Iléyá yìí? Ẹ ṣáà ní ó dìgbà tí mo bá ń ṣègbéyàwó."

"Bọ́ síwájú jàre, kí n wọ̀n ọ́." Ó na aṣọ náà mọ́ ìbàdí rẹ̀, ó mi orí. "Ó bá ọ mu. Ó yá, lọ pe ìyá rẹ àtàwọn ìyàwó ilé. Àpótí méjì yẹn wà ní ṣíṣí. Kí kálukú wá mú èyí tó bá wù ú."

Háwáù ti ń ké pè wọ́n kó tó dé ẹnu ọ̀nà.