Àwọn nǹkan tí a máa yẹ̀ wò kí owó fúláàtì Ọ̀fàtẹ̀dó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ

Àbúrò mi, mo ti ka gbogbo ìwé tí díbẹ́lópà yẹn fi ránṣẹ́ sí ẹ, mo sì ti dé sáìtì náà. Fúláàtì yàrá méjì lókè kìíní lo fẹ́ rà, nínú ilé alájà mẹ́ta tó máa ní fúláàtì 12. Mílíọ̀nù 24 ni, wọ́n ní kó o san mílíọ̀nù 7.2 sílẹ̀, ìyókù láàrin oṣù 18. Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ò ju fáńdéṣàn àti òpó mélòó kan lọ, ìyẹn ni pé ìwé nìkan ló máa wà lọ́wọ́ ẹ fún ọdún kan ààbọ̀. Bá a bá ti parí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, fi àmì sí i, kó o tọ́jú ẹ̀rí ẹ̀ sínú fáìlì. Kí ti ilẹ̀ àti ti àṣẹ ìkọ́lé tó pé, jọ̀ọ́, má san kọ́bọ̀, owó fọ́ọ̀mù gan-an má san án.

ILẸ̀

☐ Ta ló nilẹ̀? Mo tún un kà dáadáa, díbẹ́lópà kọ́. Ẹbí kan ló nilẹ̀, wọ́n jọ ṣàdéhùn pé kó kọ́lé, kí wọ́n wá pín fúláàtì. Kò burú bẹ́ẹ̀, àmọ́ odindi àdéhùn yẹn la fẹ́ rí, kì í ṣe ojú ewé kan tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀. Ṣé àdéhùn náà fún un láṣẹ láti tà? Fúláàtì wo ni ti ẹbí, èwo ni tiẹ̀? Tó bá lọ jẹ́ pé èyí tó fẹ́ tà fún ẹ bọ́ sínú ìpín ẹbí, ọwọ́ ẹni tí kò ni ín lo ti rà á nìyẹn o.

☐ Àwọn wo ló fọwọ́ sí i láti inú ẹbí? Olórí ẹbí nìkan ò tó. Tí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí tó kù, wọ́n lè gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n fagi lé e, tó bá sì jẹ́ àwọn àgbà yẹn ló tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ tó ń gbé Ọ̀fàtẹ̀dó máa bá wa wádìí lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò bóyá ìjà ilẹ̀ kankan wà nínú ẹbí náà, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú fáìlì.

☐ Fáìlì ilẹ̀ náà ní Abéèré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Lọ́yà tiwa ni kó lọ wò ó, ẹ má lo lọ́yà tí díbẹ́lópà fi lọ̀ yín. Kó wo orúkọ tó wà lórí Sí-ọ́f-Ó, ìwé ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, kó wò ó bóyá wọ́n ti fi ilẹ̀ náà dúró ní báǹkì, bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. August 27, 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, torí náà tí ìwé yẹn bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gómìnà tó wà n'Ìbàdàn ló fọwọ́ sí i, kí lọ́yà tọpasẹ̀ fáìlì náà débẹ̀. Òmíràn tún ni pé Òṣogbo ni wọ́n kọ sórí ìwé ìpolówó, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ sì ni Ọ̀fàtẹ̀dó wà. Ká mọ èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ilẹ̀.

☐ Sọ́fè. Kí sọfẹ́yọ̀ tiwa tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ àwọn sọfẹ́yọ̀, wọn ibi tí pílà wà, kó fi wé nọ́ńbà orí pílánù, kó sì wádìí ẹ̀ lọ́fíìsì Sọfẹ́yọ̀ Àgbà. Wáyà iná ńlá, ojú títì àti odò, kó rí i pé ilé ò bọ́ sí ààlà wọn. Èmi fúnra mi máa padà débẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá kan, kí n béèrè ibi tí omi ń dé lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀.

☐ Ìwé wo ló máa jẹ́ tìẹ? Sí-ọ́f-Ó kan péré ló wà fún gbogbo ilẹ̀ náà, èèyàn méjìlá ló sì máa ní fúláàtì lórí ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá wọ́n ń gbé fúláàtì náà fún ẹ pátápátá ni tàbí wọ́n ń yá ẹ fún ọdún gbọọrọ, ta ló ni àtẹ̀gùn, òrùlé àti ibi páàkì, ta ló sì máa gba ìfọwọ́sí gómìnà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978, abala 22, béèrè ìfọwọ́sí yẹn, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

ÀṢẸ ÌKỌ́LÉ ÀTI ILÉ FÚNRA Ẹ̀

☐ Pílánù tí ìjọba lù ní òǹtẹ̀, ká rí i lọ́ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí i. Ṣé àjà mẹ́ta ni wọ́n gbà á láyè? Ilé gíga tó wó n'Ìkòyí ní November 1, 2021, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni, èèyàn tó kú síbẹ̀ lé ní 40.

☐ Ẹnjiníà wọn, nọ́ńbà ẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ àwọn ẹnjiníà, ńkọ́? Èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ kí wọ́n tó da fáńdéṣàn ńkọ́? Kí wọ́n fún wa ní èsì kọnkéré tí wọ́n fọ́ wò lọ́jọ́ 28. Ẹnjiníà tiwa máa ka irin kí wọ́n tó da dẹ́kìn, torí tí wọ́n bá ti dà á tán, kò sẹ́ni tó máa rí irin mọ́.

KỌ́ŃPÌNNÌ

☐ Fi nọ́ńbà RC wọn wá wọn lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ àti orúkọ orí àkáǹtì báǹkì gbọ́dọ̀ bára mu.
☐ Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àìmọ́.
☐ Kí lọ́yà béèrè ní Hai Kọ́ọ̀tù bóyá ẹjọ́ wà lọ́rùn wọn.
☐ Ilé tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀: ká kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbébẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ wọn nìkan kọ́, ṣé ìwé ti dé ọwọ́ wọn?

OWÓ ÀTI ÀDÉHÙN

☐ Ọmọbìnrin tó ń bá ẹ tajà ní tó o bá san káàṣì wọ́n á yọ nǹkan kúrò. Rárá o. Òfin ọdún 2022 tó ń gbógun ti owó àìmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni san káàṣì tó ju mílíọ̀nù 5 lọ láìgba báǹkì kọjá. Inú àkáǹtì kọ́ńpìnnì ni kówó máa lọ.

☐ Owó á máa tẹ̀lé iṣẹ́. Ohun tí a máa ní kí wọ́n gbà: mílíọ̀nù 2.4 lọ́jọ́ tá a bá fọwọ́ síwèé, mílíọ̀nù 4.8 nígbà dẹ́kìn kìíní, 4.8 nígbà dẹ́kìn kejì, 4.8 nígbà òrùlé, 4.8 tí rírẹ́, páìpù àti wáyà bá parí, mílíọ̀nù 2.4 tó kù lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ àti ìwé bá jọ wọlé. Ẹnjiníà tiwa ló máa sọ pé wọ́n ti débẹ̀, kó o tó fi owó ránṣẹ́.

☐ Abala 9 nínú àdéhùn wọn gbọ́dọ̀ yí padà. Ó ní tó o bá kúrò, wọ́n á gé ìdá 25 nínú 100, ṣùgbọ́n táwọn bá pẹ́ kò sí ohun tí wọ́n máa san. Kí wọ́n kọ ọjọ́ ìparí sí i, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa san lóṣooṣù tí ọjọ́ náà bá kọjá, àti pé tó bá kọjá oṣù mẹ́fà o lè gba gbogbo owó ẹ padà. Abala 11 sọ pé wọ́n lè fi owó lé e tí sìmẹ́ǹtì bá gbówó lórí, ìyẹn náà kó kúrò. Mi ò ní gbà kó o fọwọ́ síwèé tí méjèèjì yìí bá ṣì wà níbẹ̀.

☐ Ìwọ̀n fúláàtì ní mítà, irú táìlì, ilẹ̀kùn, kòńgà, ta ló máa san transfọ́mà IBEDC, kí gbogbo ẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Kí wọ́n sì ṣàtúnṣe ohun tó bá bàjẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́yà máa lọ Abéèré lọ́jọ́ Ajé, sọfẹ́yọ̀ máa dé sáìtì lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Tí wọ́n bá pè ẹ́ pé ẹlòmíì ti fẹ́ gbé fúláàtì yẹn, sọ fún wọn pé o ń dúró de àbọ̀ lọ́yà ẹ, kó o sì fi nọ́ńbà mi fún wọn.