Òfin Gbígba Ọ̀dọ́ Síṣẹ́ ní Ilé Aró Wa, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Òfin yìí de gbogbo ọ̀gá, òṣìṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ àti òbí tó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilé aró wa àti yàrá ìránṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2026. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà àgbàlá aró. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá lè kà á, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò kà á sí i létí kó tó fọwọ́ kan aṣọ kankan.

1. Ta ni a lè gbà?

Ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 ni à ń pè ní ọ̀dọ́ níbí. Ẹni tí kò tíì pé 12, ọmọdé ni lójú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lóko, nínú ọgbà tàbí nínú ilé, lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, nìkan ni òfin náà yọ̀ǹda fún un. Ilé aró kò sí lára ìyẹn. Bí ìyá bá mú ọmọ rẹ̀ wá nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò mójú tó o nílé, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ náà yóò jókòó sí. Kò gbọdọ̀ dé àgbàlá ìkòkò, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ rán an níṣẹ́.

Òfin ìjọba tún sọ pé ẹni tí kò tíì pé 15 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọjà. Ọjà títà ni àdìrẹ wa, nítorí náà a kò ní gba ẹni tí kò tíì pé 15, ì báà ṣe ọmọ ọ̀gá, ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni. A mọ̀ pé òfin gba òbí láyè láti fi ọmọ tó ti ju 12 lọ kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ohun tó wà nínú àgbàlá wa le ju ara ọmọ ọdún 12 lọ, ìdí nìyẹn tí a fi dúró lórí 15.

Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ ìlú ni ẹ̀rí ọjọ́ orí. Pé ọmọ ga, tàbí pé òbí rẹ̀ búra, kò tó.

2. Wákàtí iṣẹ́

Òfin sọ pé ẹni tí kò tíì pé 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Gbogbo ọ̀dọ́ ni a fi èyí dè, títí kan ẹni ọdún 17.

Ọ̀dọ́ tó ń lọ sílé ìwé kò ní wá lásìkò ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ ilé ìwé, láti aago mẹ́ta ọ̀sán sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà ìsinmi ilé ìwé, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjìlá, kó sinmi wákàtí kan, kó jẹun, kó tún ṣe é títí di aago mẹ́rin. Kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó ń lọ kírun Jímọ̀ yóò lọ, a kò ní yọ ọ́ lára owó rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń múra ìdánwò Wáẹ̀kì kò ní wá rárá títí ìdánwò yóò fi parí, àyè rẹ̀ sì wà fún un.

Ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ẹni tí kò tíì pé 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú òfin.

Kò sí ọ̀dọ́ tí yóò wà nínú ilé aró lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lójú òfin ìjọba, òru tí ọmọ tí kò tíì pé 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí méjìlá léraléra, aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwa tètè ń tì í, nítorí oṣù Kẹjọ. Gbogbo wa la mọ bí ó ṣe máa ń rí bí ọdún Ọ̀ṣun bá ti súnmọ́: aṣọ ẹgbẹ́, aṣọ àlejò, oníbàárà tó fẹ́ igba ọ̀pá lọ́la. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá máa ń sọ pé kí ọmọ dúró díẹ̀ sí i, díẹ̀ náà a sì di aago mọ́kànlá. Ọmọ tó ń tòògbé lẹ́bàá ìda gbígbóná yóò jóná. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ, kí a gba àgbàlagbà kún un, tàbí kí a sọ fún oníbàárà pé kò ní ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kó bínú.

3. Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ ṣe

Òfin kọ iṣẹ́ tó lè ba ìlera ọ̀dọ́ jẹ́, tó léwu, tàbí tó lè bà á níwà jẹ́. Nínú ilé wa, àwọn nìyí.

Kọ́sítíìkì sódà. Ọ̀dọ́ kò ní wọ̀n ọ́n, kò ní pò ó, kò ní rù ú, kò ní fọ ike rẹ̀. Bí ó bá kan omi, ó máa ń hó bí ẹni pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń jẹ awọ ara, bí ó bá sì ta sójú, ojú lè fọ́. Àgbàlagbà tó ń pò ó pàápàá, sódà ni yóò máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ da omi lé sódà lórí. Ibọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú ló gbọ́dọ̀ fi ṣe é.

Haidiró, ìyẹ̀fun kẹ́míkà tí à ń dà sínú aró, náà bẹ́ẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń ta àyà, bí omi díẹ̀ bá sì kan ìyẹ̀fun rẹ̀ nínú agolo, ó lè gbóná títí yóò fi gbiná. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí méjèèjì wà, ọwọ́ ọ̀gá aró ni yóò máa wà.

Ọ̀dọ́ kò ní yọ́ ìda lórí iná, kò sì ní gbé ìkòkò rẹ̀. Bí ìda bá gbiná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí i. Ìdérí ni kí ẹ fi bò ó.

Ọ̀dọ́ kò ní tan jẹnẹrétọ̀, kò ní da epo sí i, kò sì ní jókòó níbi tí èéfín rẹ̀ ń gbà. Gáàsì tó ń pani wà nínú èéfín yẹn, kì í sì í rùn.

Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró wúwo. Àgbàlagbà méjì ni yóò máa gbé e. Ọ̀dọ́ kò ní gbé ohun tó ju bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lọ.

Ẹni tí kò tíì pé 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ náà wà níbẹ̀. Láti 16 sókè, ó lè lo ẹ̀rọ ìránṣọ bí ọ̀gá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

4. Iṣẹ́ tó lè ṣe

Kó fi ìko di aṣọ, kó fi abẹ́rẹ́ rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́, kó fi ìyẹ́ ya ọnà ẹlẹ́kọ, kó tú okùn lẹ́yìn tí aṣọ ti gbẹ, kó ká aṣọ, kó dá oníbàárà lóhùn. Ibi tí ọnà wà gan-an nìyí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kò pàdánù ohun kankan bó ṣe ń dúró de ọdún 18.

5. Owó, ìwé àti òbí

Ọ̀dọ́ tó ń gbowó yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò sí ọ̀gá tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn tí òbí àti òun fọwọ́ sí, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì jẹ́rìí sí, tí kò ju ọdún márùn-ún lọ. A kò ní sún fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ síwájú láti fi jẹ ẹ́ níyà.

Akọ̀wé yóò máa kọ orúkọ ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe àti bí àdéhùn rẹ̀ ṣe rí.

Bí òbí ọmọ tí kò tíì pé 16 bá sọ pé òun kò fẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ mọ́, ì báà jẹ́ lẹ́nu lásán, ọjọ́ náà ni yóò dúró, a ó sì san ohun tó kù fún un.

6. Ẹni tó bá rú òfin yìí

Ọ̀dọ́ tí ọ̀gá rán sí ibi tí a kà léèwọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nà án tàbí kó fi ebi jẹ ẹ́ níyà. Kó sọ fún akọ̀wé tàbí fún olùdarí fúnra rẹ̀. Ọ̀gá tó bá rú òfin nípa wákàtí lẹ́ẹ̀kan yóò gba ìwé ìkìlọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, a ó gba àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá fún ọ̀dọ́ ní sódà, haidiró tàbí ìda gbígbóná yóò fi ilé aró sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀dọ́ bá fara pa, ilé iṣẹ́ ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ ni yóò sanwó, a ó sì pe òbí rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé.

Olùdarí ilé aró ló fọwọ́ sí i, ní Òṣogbo, ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2026.