Bí a ṣe ń ka kádì ìdàgbàsókè ọmọ: ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìwọ̀n ní Àkúrẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ gbé ọmọ wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ kádì ọmọ yín síta kí a jọ wò ó.

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni oṣù ọmọ, ti ẹ̀gbẹ́ ni kílò. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé la máa ń fi àmì sí, tí a ó sì fa ilà láti àmì tó kọjá dé tòní. Ilà pupa ìsàlẹ̀ ni ìkìlọ̀. Dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ewu ńlá ni. Ti ọmọkùnrin yàtọ̀ sí ti ọmọbìnrin, nítorí náà ẹ má fi kádì ọmọ aládùúgbò wo tiyín.

Ibi tí ilà dorí kọ ni kí ẹ máa wò. Ẹ wo ọmọkùnrin yìí: oṣù 6, kílò 7.9, oṣù 9, kílò 8.2; oṣù 12, kílò 8.2 náà. Kò tíì kan ilà pupa, ṣùgbọ́n ilà rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bóyá ibà ni, bóyá ìgbẹ́ gbuuru, bóyá ògì lásán ló ń mu. Ìgbà yìí gan-an ló yẹ kí a ti wá nǹkan ṣe sí i, kó tó rù.

Tí ẹ bá gbọ́ "wésítìn" lẹ́nu wa, ọmọ tó rù ni: kílò rẹ̀ kò tó gíga rẹ̀. Kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀. Èéyi tàbí ìgbẹ́ gbuuru lè fà á. Fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5, tí téèpù apá bá bọ́ sórí pupa, apá náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 nìyẹn, ìtọ́jú kíá ló kàn. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó sì jìn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìwọ̀n. Omi ló wà níbẹ̀, ọmọ náà kò sanra.

"Sítọ́ńtìn" ni pé ọmọ kò ga tó ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, torí ó máa ń fara pamọ́. Ọmọbìnrin ọdún 2 tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 77, tó wọn kílò 9.8, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kún. Gbogbo ilé á ní ìyá àgbà ló jọ. Ṣùgbọ́n ilà pupa ti gíga fún ọjọ́ orí rẹ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 79. Oúnjẹ tí kò tó láti inú oyún dé ọdún 2, àti àìsàn tí kò dẹwọ́, ló sábà máa ń fà á, ó sì lè kan ọpọlọ ọmọ. Nínú ìwádìí ìjọba ọdún 2018, ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ní Nàìjíríà ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí ìyá kankan má ṣe tijú.

Ọmú nìkan fún oṣù 6, kò sí omi, kò sí àgbo. Lẹ́yìn náà, ẹ po edé lílọ̀ tàbí ẹ̀pà mọ́ ògì, ẹ fún un ní móínmóín, ẹja, ẹyin. Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ẹran kan ọmọ náà.

Ó yá, ẹ bọ́ aṣọ àti páńpá ọmọ. Èyí tí kò tíì pé ọdún 2, ìdùbúlẹ̀ la ó ti wọn gíga rẹ̀; ẹ bá wa di orí rẹ̀ mú.