Sí Ọ̀gá Ilé-Ìwé: Mo fẹ́ rí yín kíákíá nípa Dàmílọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́, sà.

Èmi ni ìyá Dàmílọ́lá ti kíláàsì karùn-ún, tó ń ta iṣu lọ́jà Kábbà. Láti ọjọ́ Ajé ni ọmọ yìí ti ń sunkún kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Lánàá tí mo ń wẹ̀ ẹ́, mo rí ojú pàṣán lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ló nà án lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì gba owó oúnjẹ rẹ̀.

Ṣé mo lè rí yín lọ́la ní aago 7:30, kí asẹ́ńbílì tó bẹ̀rẹ̀? Mi ò wá jà o. Bàbá rẹ̀ ni inú ń bí, mo ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pe àwọn ọmọ náà, kí wọ́n má baà halẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ṣé, sà.
Ìyá Dàmílọ́lá