Lẹ́tà sí Àjàní ní Ìkọ̀lé

Òkè-Ìlà, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn iṣẹ́ òru

Àjàní, ọmọ ìyá mi,

Mo ti dé láti ibi iṣẹ́, mo ti mu ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, ó sì yẹ kí n ti sùn. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ lórí fóònù lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò kúrò létí mi. Aago méjì ti kọjá. O ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́," lẹ́yìn ìyẹn n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, èémí rẹ nìkan ni mò ń gbọ́, bíi ti ẹni tó sáré gun òkè. Nígbà tó yá, o ní kò sí nǹkan, o kàn ní kí o kí mi ni. Ta ní ń kí ènìyàn ní aago méjì òru? Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ nítorí aláìsàn kan ń pè mí ní wọ́ọ̀dù. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nìyí. Bí mo bá pè ọ́, o máa ní "mo ti gbọ́ mà," o máa pa fóònù. O kò lè pa ìwé, o sì lè padà kà á lóru.

Mo ti ka ohun tí o fi ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù ní ọjọ́ kejì, èyí tí o tètè pa rẹ́. Mo ti rí i kí o tó pa á rẹ́. O ní àyà rẹ ń já láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, inú rẹ ń rú, oorun kò wá, bí o bá sì ti rí ẹnu ọ̀nà kíláàsì ìṣirò, ńṣe ló ń ṣe ọ́ bíi kí o sá. O ní o rò pé orí rẹ fẹ́ dàrú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé òun ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù. Orí rẹ kò dàrú. Àníyàn ni. Bí ejò bá gba iwájú rẹ kọjá lóko Bàbá, ara kì í dúró kí ó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ. Á tú omi kan tí a ń pè ní ádírẹ́nálììnì sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré lù kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀, èémí á yára, oúnjẹ inú á dúró níbi tó wà. Ìdí tí inú fi ń rú nìyẹn. Iṣẹ́ gidi ni ara ń ṣe, kí o lè sá tàbí kí o lè jà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ni pé ara rẹ ti ń rí ejò nínú ìwé ìṣirò, nínú fóònù tó dún, nínú ìkíni olùkọ́. Kò sí ejò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kì í ṣe irọ́, n kò sì ní sọ fún ọ pé kí o ṣọkàn akin. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi títí ó fi sú mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi. O ní èmi kò lè mọ bó ṣe rí torí èmi "kì í bẹ̀rù nǹkan kan." Ọdún 2013, mo wà ní ọdún kejì mi níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n pín ìwé ìdánwò fún wa. Mo ka ìbéèrè àkọ́kọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo mú bírò, àwọn ìka mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Àyà mi ń lù bí ẹni tó ń gún iyán fún ogún àlejò, etí mi ń hó, gbogbo gbọ̀ngàn náà jìnnà sí mi. Mo gbà pé ikú dé. Mo fi bírò sílẹ̀, mo dìde, mo jáde. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní ibà ló ń ṣe mí.

Irọ́ yẹn ná Màmá lówó. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ibà, wọ́n tún ní mo ní taífọ́ọ̀dù. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tọ́jú ibà tí n kò ní. Gbogbo èsúsú tí Màmá kó lọ́dún yẹn ló bá a lọ. Níkẹyìn, nọ́ọ̀sì àgbà kan, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ mi, ó ń wo aago tó so mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Ó ka ìlùkìkì náà tán, ó ní, "Ọmọ, ara rẹ kò gbóná rárá. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Kò sẹ́ni tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Mo tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Máàkì mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo gbà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì sí aláìsàn tó bèèrè máàkì yẹn lọ́wọ́ mi kí n tó gún un lábẹ́rẹ́.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹrù yìí. Owó kòkó tí Bàbá tà láti fi san owó ilé ìwé rẹ lò ń rù lórí kiri bí ẹni ru igi. Ní ilé ìwé girama n'Íjerò, ìwọ nìkan ni ẹni àkọ́kọ́. Ní kíláàsì yín n'Íkọ̀lé, gbogbo wọn ni ẹni àkọ́kọ́ láti ibi tí wọ́n ti wá, kéríóbà kan ṣoṣo, ìdánwò kan tí o máa tún ṣe, sì ti mú ọ gbà pé o ti tan gbogbo ilé jẹ. Àwa ará Èkìtì náà ò tiẹ̀ ran ara wa lọ́wọ́. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ a, b, d, a ti ń pè é ní Púrọ̀fẹ́sọ̀. Ta ló máa wá láyà láti sọ pé ìṣirò kò yé òun? Mo ti bá Bàbá sọ̀rọ̀, n kò sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo kàn ní o ní kéríóbà kan. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ó ń jẹun?" Ohun tí wọ́n bèèrè kò ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, ṣé ò ń jẹun? Mo gbọ́ pé obì lo fi ń kàwé mọ́jú, pẹ̀lú àwọn ohun mímu inú agolo yẹn. Àjàní, kaféènì ló wà nínú obì, òun náà ló wà nínú kọfí àti nínú agolo. Ó ń mú àyà lù, ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ohun tí àníyàn ń ṣe gan-an. Ó lè tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Èyí tí o jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì wà lára rẹ nígbà tí o pè mí. Má dá a dúró lójijì, orí á fọ́ ọ. Máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, má sì jẹ ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Bí àyà rẹ bá tún ń já, má bá a jà. Jókòó, fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, fa èémí gba imú, ka ení dé ẹẹ́rin, wá tú u jáde gba ẹnu bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ka ení dé ẹẹ́fà. Ìtújáde gbọ́dọ̀ gùn ju ìfàwọlé lọ, òun ló ń sọ fún ọkàn pé kó rọra. Ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Máa ṣe é ní alaalẹ́ nígbà tí ara balẹ̀ pàápàá, kí ara ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìgbì yẹn á ga, á sì rọlẹ̀. Nígbà púpọ̀ kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó dé góńgó. Kò tíì sí èyí tó dé tí kò lọ.

Ohun kan wà tí o kò ní fẹ́ gbọ́: padà sí kíláàsì ìṣirò náà. Gbogbo ìgbà tí o bá sá, ara rẹ á ní, "Mo ti wí, ejò wà níbẹ̀ lóòótọ́." Jókòó sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, lo ìṣẹ́jú ogún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí o bá fẹ́ jáde lẹ́yìn ìyẹn, jáde. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lo ogójì. Kí o sì kúrò nínú gúrúùpù Wọ́ọ̀sáàpù tí wọ́n ti ń fi jípíéè, àròpọ̀ máàkì wọn, ṣe fọ́ńté. N kò rí ire tí ìyẹn ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti Màmá, wọ́n ti gbọ́ fìrìfìrì, wọ́n sì ní kí o gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n má gbààwẹ̀ ní àkókò yìí, ebi náà ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Màá bá wọn sọ ọ́, ọ̀rọ̀ àgbà ni, fi í sílẹ̀ fún mi.

Ó ti ju oṣù kan lọ tí èyí ti ń ṣe ọ́, kò sì jẹ́ kí o sùn, nítorí náà a máa jẹ́ kí dókítà rí ọ. Lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ yín ní ọjọ́ Ajé, sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́ sí mi, má pè é ní ibà. Bí ó bá ju ti ibẹ̀ lọ, a máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ n'Ídó-Èkìtì, èmi àti ìwọ, n kò ní jẹ́ kí o dá lọ. Ìtọ́jú wà fún un: wọ́n á jókòó bá ọ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ bí o ṣe lè bi ìbẹ̀rù náà léèrè ọ̀rọ̀, bó bá gba oògùn, oògùn wà. Mo ti rí àwọn tó lò ó tí wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, ènìyàn bí èmi àti ìwọ.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ṣé ó ti wá sọ́kàn rẹ rí pé kí o kúkú kú? Bí ó bá ti wá, tàbí tó bá wá lálẹ́ òní, má dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Kan ilẹ̀kùn ẹni tí ẹ jọ ń gbé, kí o sì pè mí, aago yòówù kó jẹ́. Bí mi ò bá gbé e, ọwọ́ mi ló há. Máa pè mí léraléra. O kò ní dí mi lọ́wọ́.

Mi ò ṣiṣẹ́ lọ́la àti lọ́jọ́ Àìkú. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní Adó lọ́la ni mo máa wọ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù màá ti wà n'Íkọ̀lé. Fọ ìkòkò tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ, mo mọ̀ pé o kò tíì fọ̀ ọ́. Má ra iṣu. Mo ti ra ọ̀kan ní Ọjà Ọba, ó tóbi débi tí màá san owó ìjókòó méjì.

Àǹtí rẹ,
Bùnmi