Ṣíbí tó wà láàárín òpó Mápó

Ọ̀rọ̀ tó bá ìbéèrè láti máa tẹ̀lé wọn lórí ayélujára lọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo rí fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn tí ẹ gbé síbí lánàá, tí ẹ fi béèrè ohun tó wà láàárín àwọn òpó tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ojú aṣọ ni gbogbo èèyàn máa ń ya fọ́tò rẹ̀; ẹ̀yin yí i padà. Aládìrẹ ni mí l'Ábẹ́òkúta. Mo mọ ohun tí ẹ béèrè yẹn. Inú mi á dùn láti máa rí iṣẹ́ yín.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbà:

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ṣíbí ló wà láàárín àwọn òpó náà. Òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí n'Íbàdàn lọ́dún 1929.

Ìyá mi àgbà ló fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ hàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n á ti ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù di ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, wọ́n á sẹ́ ẹ títí tí kò ní ní kókó. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Wọ́n máa ń fa gbogbo òpó tán kí wọ́n tó bọ́ sórí ṣíbí. Tí wọ́n bá dé orí ṣíbí, wọ́n á dá ọwọ́ dúró díẹ̀, ẹ̀kọ tó wà lẹ́nu ìyẹ́ á sì kó jọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, á rí roboto. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún tiyín wò. Bí orí ṣíbí bá funfun ju ìdí rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ ọ́ náà máa dá ọwọ́ dúró bẹ́ẹ̀.

Ti ẹ̀yìn aṣọ yẹn ló wù mí jù. Ojú kan ṣoṣo la máa ń fi ẹ̀kọ sí, aró á wá ráyè wọ ẹ̀yìn, ilà tó funfun níwájú á ṣú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò yín, ilà ṣì ń yọ lápá òsì, lápá ọ̀tún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ègé aṣọ méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ di ìró kan. Ó jọ mí lójú pé ẹ̀kọ apá òsì ki ju tòdìkejì lọ. Bóyá ọwọ́ méjì ló kọ ọ́. Ẹ̀yin tí aṣọ wà lọ́wọ́ yín lẹ lè rí i ju bí mo ṣe rí i lọ.

Ìyá mi àgbà ti lọ sinmi. Ìró méjì péré ló kù nínú tiwọn, Ìbàdàndùn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo rí tiyín, mo gbé fóònù fún ìyá mi. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí ṣíbí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á sókè.

Wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà.